Abíwẹ́rẹ́: Orúkọ Ewé, Oṣù Oyún àti Ohun Tí Aboyún Ń Jẹ



Nígbà tí a lẹ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara pátákó, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ oníṣègùn òyìnbó pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni ti oníwèé ewì nínú àgbo aboyún?" Ìbéèrè náà tọ́. N kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, n kò sì ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni níbí. Ṣùgbọ́n kí ewé tó di àgbo, ọ̀rọ̀ ni. Orúkọ ni obìnrin kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí ó tó rí ewé, orúkọ ni ó ń tẹ̀ lé dé ọjà, orúkọ ni ó sì ń sọ fún un pé ewé náà yóò ṣe òun ní oore. Ọ̀rọ̀ àti orúkọ sì ni iṣẹ́ tí mo fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ ewé nínú èdè wa kún fún ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà tí kì í sábà sí nínú rẹ̀, ìmọ̀ náà gan-an sì ni aboyún nílò jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ kan ṣoṣo, kí a tú u palẹ̀ bí a ti ń tú gbólóhùn: abíwẹ́rẹ́. A- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó ń sọ olùṣe. Bí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Wẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó ń sọ bí ìṣe náà ti rí, pé ó rọrùn, pé kò ní wàhálà. Ohun tí ń mú ni bímọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn ni abíwẹ́rẹ́. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan méjì ni a ń fi orúkọ kan yìí pè. Èkíní ni irú oògùn kan, ohunkóhun tí ìyá àbíyè bá pò pọ̀ fún aboyún kí ìbí má baà nira, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe àsèjẹ, ìbáà ṣe ọṣẹ. Èkejì ni ewéko kékeré kan, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, tí ó máa ń hù ní ilẹ̀ gbalasa àti ẹ̀bá oko. Bí obìnrin méjì bá sọ pé àwọn mu abíwẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan mu ewéko yìí, kí èkejì má sì fẹnu kàn án rárá.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí a rí nínú orúkọ náà ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe wà, àpọ́nlé ìṣesí wà, ṣùgbọ́n àpọ́nlé àsìkò kò sí. Orúkọ náà sọ ohun tí ewé ń ṣe fún wa, ó sì sọ bí ó ti ń ṣe é. Kò sọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣe é. Ohun tí ń mú ọmọ jáde wẹ́rẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, kí ni yóò mú jáde ní oṣù kẹta?

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò mọ èyí. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ oyún fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀, ìṣe tí wọ́n ń lò ni dè: wọ́n ń de oyún kí ó má baà wálẹ̀. Nígbà tí ó bá di oṣù ìkẹyìn, wọ́n á tú ohun tí wọ́n dè. Ìdè àti ìtú kì í pàdé nínú ìkòkò kan. Àwọn ìyá àbíyè tí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń ṣa ọfọ̀ jọ kì í fún ọlọ́yún oṣù díẹ̀ ní abíwẹ́rẹ́. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ń dá mi lóhùn, bí ẹni tí a bi pé kí ló dé tí a kì í ṣí ìlẹ̀kùn kí àlejò tó dé. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni ìmọ̀ àsìkò yìí wà, kò sí nínú orúkọ ewé. Nígbà tí ewé bá wá kúrò lọ́wọ́ ìyá àbíyè, tí ó dé inú ìgò alágbo tí ń kiri ibùdókọ̀, orúkọ nìkan ni ó bá a lọ. Àsìkò ti jábọ́ lójú ọ̀nà.

Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí a sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, ni ó fi ojú èdè wo ọ̀rọ̀ yìí kínníkínní ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìwé rẹ̀, Àwọn Ewé Ọ̀sanyìn, jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Ìwé ńlá rẹ̀ tí a pè ní Ewé sì jáde ní èdè Potogí ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní ọdún 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé nínú ọfọ̀, ìró kan nínú orúkọ ewé ni a máa ń mú, tí a ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe, tí a ó sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe náà pàṣẹ. Tẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú tẹ̀tẹ̀, gbé ni a ń gbọ́ nínú gbégbé. Ó ṣàlàyé pé bí a bá mú ìró yìí kúrò, ìdí tí a fi ṣa ewé méjì kan pọ̀ lè má yé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé ewé ní ohun mìíràn nínú tí kò gbọ́ Yorùbá. Omi tí a sè nínú rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé ọmọ, a pe ọfọ̀ sí i, a kò pè é.

Bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ, ilẹ̀ Kóńgò ni ìtàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn kedere. Ní àwọn ọdún 1960, oníṣègùn ará Nọ́wè kan tí ń jẹ́ Lorents Gran, tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, rí i pé àwọn obìnrin tí ń rọbí máa ń mu omi ewé kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata, kí ìbí lè yá. Ó rí i pé ìrọbí wọn ń le, ó sì ń yá. Nígbà mìíràn, ó máa ń le kọjá bí ó ti yẹ. Ó kó ewé náà lọ sílé, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún bíi mélòó kan. Ohun tí ó rí nínú rẹ̀ ni ẹ̀yà purotéènì kékeré kan tí ń mú ilé ọmọ súnkì. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé sísè kò bà á jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá se ẹyin, purotéènì inú rẹ̀ á yí padà, á le. Ti ewé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kí àwọn onímọ̀ tó mọ ìdí rẹ̀ dájú: purotéènì náà kò ní orí, kò ní ìdí. Ó ká po bí òrùka, ó sì tún de ara rẹ̀ ní okùn nínú, nítorí náà iná àti omi inú ikùn kò tètè rí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

Ìdí tí mo fi mú yín dé Kóńgò nìyí: irú purotéènì olórùka yìí wà nínú abíwẹ́rẹ́ tiwa, ìyẹn ewéko aláwọ̀ àlùkò tí mo ṣàpèjúwe. Ní ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ kan tẹ àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n rí nínú rẹ̀ jáde, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú wọn lágbára láti pa sẹ́ẹ̀lì ara. Èyí kò fi hàn pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ń mú ilé ọmọ súnkì bíi ti kalata. Kí a má sọ ju ohun tí a rí lọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé kò yẹ kí a fi ọkàn balẹ̀ nítorí pé a ti se ewé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ obìnrin pé, "A ti sè é, agbára rẹ̀ ti lọ." Fún ewé mìíràn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún irú ewé yìí, sísè ni ó ń yọ agbára náà jáde sínú omi.

Báyìí, ẹnìkan lè sọ pé aboyún kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ewé rárá. Ó burú bẹ́ẹ̀, nítorí ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ewé inú ìkòkò ọbẹ̀ àti ewé inú ìgò ni ó yẹ kí a kọ́. Ẹ wo ewúro. Ewúro tí a ó fi se ọbẹ̀, a ó bọ̀ ọ́, tàbí kí a fi iyọ̀ bó o, a ó fi omi fọ̀ ọ́ títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi lọ, a ó sì pò ó mọ́ ẹ̀gúsí. Ohun tí ó kù nínú àwo ọbẹ̀ ẹnìkan kò ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lọ, kíkorò rẹ̀ sì ti bá omi lọ. Ewúro tí a gún, tí a fún omi rẹ̀ láìfọ̀, tí a sì mu ní kọ́ọ̀bù kan lórí inú òfìfo, ewé kan náà ni ní orúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ní ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fìnrìn: ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ ata jẹ́ oúnjẹ, ìdì kan tí a sè títí omi rẹ̀ fi dúdú kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan, tí díẹ̀ nínú wọn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ewé tí a ń lò ní Nàìjíríà láti mú ìbí yá, wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì ilé ọmọ ènìyàn dán wọn wò bóyá wọ́n ń mú un súnkì. Ewúro àti ẹ̀fìnrìn wà nínú àkójọ náà. Ẹ̀fọ́ tí ó wà nínú ọbẹ̀ wa lánàá náà ni ìyá àbíyè ń gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ ìrọbí. Bí a ti ṣe é àti bí ó ti pọ̀ tó ni ó pààlà sí i.

Ìbẹ́pẹ ni ó fi ìlànà yìí hàn jù. Obìnrin kan á ní dókítà ní kí òun máa jẹ èso. Òmíràn á ní ìyá òun ní ìbẹ́pẹ ń ba oyún jẹ́. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Síńgápọ̀ fi omi ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n dán ilé ọmọ eku wò, kò súnkì. Wọ́n wá fi oje funfun tí ń ṣàn nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ ya ara ìbẹ́pẹ tútù dán an wò, ó sì súnkì gidigidi, bí ẹni pé a fún un ní oògùn tí wọ́n ń fi mú ìrọbí wá ní ilé ìwòsàn. Bí ìbẹ́pẹ ti ń pọ́n ni oje yìí ń dín kù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n dáadáa, tí a gé tí oje funfun kò yọ, oúnjẹ aboyún ni. Èyí tí ó ṣì dúdú, tí àwọn kan ń rẹ sínú omi ògì fún ibà tàbí fún ọgbẹ́ inú, kí aboyún fi í sílẹ̀. Ojú lásán tó láti mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èèwọ̀, nítorí ẹ̀ka mi ni. A ní kí aboyún má jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́, a ní kí ó má jẹ ẹyin kí ọmọ má baà di olè. Ewì ni èyí. Àfiwé ni ó gbé e dúró. Itọ́ ìgbín jọ itọ́ ọmọ, ó sì parí síbẹ̀. Èmi fẹ́ràn àfiwé, òun ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ìgbín tí a sè jinná àti ẹyin tí a sè le wà nínú ohun tí ń fún aboyún ní ẹ̀jẹ̀ àti ara, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí ìyàwó ilé tí wọ́n fi àfiwé gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a máa sọ fún un, tí àwa kì í sábà sọ, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Fítámì kan wà nínú wọn tí a ń pè ní fólétì, òun ni ó ń ran ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé. Ọ̀pá ẹ̀yìn náà a máa pa dé láàárín ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Fólétì sì máa ń yọ́ sínú omi, iná sì máa ń dín in kù. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ títí, tí a fún un bí aṣọ, tí a da omi rẹ̀ nù, fólétì ni a dà nù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún àwọn obìnrin ní hóró fólíìkì ásíìdì, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kí wọ́n tó lóyún pàápàá: ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ nìkan lè má tó.

Mo ti sọ̀rọ̀ ewé tí orúkọ rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn kò sọ nǹkankan fún wa, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn sì ni dòńgóyárò. Orúkọ Haúsá ni, ọmọdékùnrin gíga ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni igi náà ti wá. Ọdún 1928 ni a kọ́kọ́ gbìn ín sí ilẹ̀ Bọ̀rnó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú gbogbo ọfọ̀ tí mo ti ṣà jọ, n kò bá a pàdé. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ewé tí ó ti bá wa gbé láti ọjọ́ tó pẹ́ ni a ti kó ìkìlọ̀ yí ká: ẹni tí í já a, ẹni tí kì í mu ún, oṣù tí a kì í lò ó. Àlejò kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára. Dòńgóyárò wọlé gẹ́gẹ́ bí ewé ibà, nítorí pé ó korò, gbogbo ẹni tí ibà bá sì mú, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àgbà, ló ń mu ún. Bẹ́ẹ̀, ní Íńdíà, ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ fi ohun tí wọ́n yọ láti inú kóró rẹ̀ dán eku tí ó lóyún wò, oyún sì bàjẹ́. Kóró kì í ṣe ewé, eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti fi irú àmì yìí hàn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí aboyún máa mu ní kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi tí mo fẹ́ fi ṣe àlàyé, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ àbúrò mi obìnrin lóyún oṣù mẹ́ta, ibà sì mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ra àgbo ibà wálé. Ó mu kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀, kọ́ọ̀bù kan lálẹ́, fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ẹ̀yìn ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì hàn lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé ẹ lo oògùn kankan?" Ó ní, "Rárá, mà." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí kòkòrò ibà, wọ́n tọ́jú ibà náà, ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó bí ọmọbìnrin kan.

Nígbà tí mo gbọ́, mo bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ kí ó bá mi béèrè ohun tí ó wà nínú ìgò náà lọ́wọ́ alágbo. Obìnrin náà kò fi nǹkan pamọ́: ewé dòńgóyárò àti èèpo rẹ̀, èèpo ahùn, ewé ìbẹ́pẹ, ewé tíì, osàn wẹ́wẹ́ tí a là sí méjì, gbogbo rẹ̀ nínú omi ògì. Kí ni ó mú ẹ̀jẹ̀ wá? A kò lè sọ. Ibà fúnra rẹ̀ máa ń ba oyún jẹ́. Ibà tí a kò tọ́jú léwu ju ọ̀pọ̀ ewé lọ. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àgbo, ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí dókítà ti ṣe ìpinnu: ó rò pé ibà nìkan ni òun ń bá jà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dáwọ́ dúró, ibi tí ìdí rẹ̀ wà lè jẹ́ ibi tí kò ní wò. Ìgò náà ṣì wà nílé, àbọ̀, lórí tábìlì. Bí kò bá sí ẹni tí ó béèrè, ì bá tún mu ún nígbà tí ó dé. Ní ti ibà, ilé ìwòsàn ní ohun tí ó sàn ju èyí lọ: wọ́n ń fún aboyún ní hóró tí ń dènà rẹ̀ láti oṣù kẹrin lọ, lóṣooṣù, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta; bí ibà bá sì mú un ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oògùn wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àkókò náà ní ọdún 2022.

Ewé kan tún wà tí n kò lè fi sílẹ̀: ejìnrìn. Òun kì í ṣe àlejò lẹ́nu wa. A ń fi í wẹ ọmọ, a ń fi í fọ ara, ìtàkùn rẹ̀ gun gbogbo ọgbà, àwọn alárùn àtọ̀gbẹ sì ń mu ún báyìí káàkiri ìlú. Orúkọ rẹ̀ kò ní ìkìlọ̀ nínú, ìró rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn ewé tí àwọn obìnrin ti ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti mú oyún wálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Họ́ńgì Kọ́ńgì yọ purotéènì méjì jáde láti inú kóró rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún eku tí ó lóyún, oyún náà sì bàjẹ́. Iṣẹ́ tí purotéènì yìí ń ṣe yàtọ̀ sí ti kalata: kì í ṣe pé ó ń mú ilé ọmọ súnkì, ńṣe ni ó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró láti ṣe purotéènì tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ọmọ tí ń dàgbà kíákíá sì ni èyí kọ́kọ́ ń ràn. Nítorí náà obìnrin lè má gbọ́ inú fífún kankan tí yóò kìlọ̀ fún un. Kí ó fi ejìnrìn wẹ ara, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Kí ó mu ún, tàbí kí ó gún kóró rẹ̀ jẹ, nígbà oyún, kò tọ́ rárá, ní oṣù èyíkéyìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọtí ni a rẹ ewé sí, irú èyí tí a ń pè ní paraga, a kò tilẹ̀ ní láti bi ara wa pé ewé wo ni. Ọtí inú rẹ̀ ti tó láti pa ọmọ inú lára.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oṣù kẹsàn-án, nítorí ibẹ̀ ni ewu abíwẹ́rẹ́ tún ti yọjú ní ọ̀nà mìíràn. Obìnrin mu abíwẹ́rẹ́ nílé nígbà tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ó dé ilé ìwòsàn, kò sọ. Ìrọbí náà fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì fi ọsitósìn sínú omi tí wọ́n ń fà sí i níṣan. Ohun méjì ni ó ń ti ilé ọmọ báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì sì mọ̀. Ìrọbí tí ó dára máa ń wá, ó máa ń lọ. Nígbà tí ó bá lọ ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ìrora bá ń tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìsinmi láàárín, tí ikùn le bí òkúta tí kò rọ̀, tí wọ́n gbọ́ pé ọkàn ọmọ ń lọ sílẹ̀, tí omi tí ń jáde sì ní àwọ̀ ewé nínú, nǹkan ti bàjẹ́. Ilé ọmọ lè ya, pàápàá ti ẹni tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí. Ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì máa ṣe ni láti pa omi náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè pa àgbo tí a ti mu.

Nítorí náà mo fẹ́ padà sí gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì fi bi ọmọ àbúrò mi: "Ṣé ẹ lo oògùn kankan?" Kò parọ́ nígbà tí ó ní rárá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀, hóró àti abẹ́rẹ́ ni oògùn, tàbí èyí tí babaláwo ṣe. Àgbo, àgbo ni orúkọ rẹ̀. Àgúnmu, àgúnmu ni. Àsèjẹ tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ lójú rẹ̀, nítorí ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú aboyún gbọ́dọ̀ pe nǹkan ní orúkọ tí obìnrin ń pè é. Kí nọ́ọ̀sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, láìsí pé ó ti di ojú kí ó tó gbọ́ èsì: "Ẹ kú ìnira o, mà. Àgbo wo ni ẹ mu láàárọ̀ yìí? Ta ló fún yín? Ewé wo ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹ jẹ àsèjẹ, ṣé ẹ lá àgúnmu, ṣé ẹ mu abíwẹ́rẹ́? Ìgbà wo ni ẹ mu ún kẹ́yìn?" Kí ó sì kọ èsì náà sílẹ̀ sínú ìwé obìnrin náà ní èdè Yorùbá, bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ lè kà á.